Ẹ̀là Kékeré Lára Táǹkì Afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: inú bí mi sí Farabalẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú burúkú. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sí táǹkì nílé iṣẹ́ wa, òun sì ni wọ́n máa ń pè wá yẹ táǹkì náà wò lọ́dọọdún. Bí ẹnu mi ò ṣe ń dákẹ́ ni òun lè wo irin fún wákàtí kan láìsọ nǹkan kan. Àwa la sọ ọ́ ní Farabalẹ̀, nítorí kò sóhun tó ń kán an lójú.

Àfi ìyàwó rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí obìnrin yẹn ti ń ṣe nọ́ọ̀sì lókèèrè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ríra. Fọ́tò rẹ̀ ló wà ní àpò Farabalẹ̀ tó ti gbó níbi tó ń ká a sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, lọ́fínńdà ń ta sánsán.

"Ọkọ ìyàwó!" mo ní. "Ṣé táǹkì lo wá wò àbí àna?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, wọ́n ti gbé ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́ tó tún jìnnà sí i. Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ máa dúró ní ibùdókọ̀ láago méjìlá, ogójì ìṣẹ́jú péré. Mo fẹ́ kàn rí ojú rẹ̀ ni."

Ìta ni táǹkì wa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òtútù òru sì ti wọ̀ ọ́ lára. Farabalẹ̀ fi aró pupa pa ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó nù ún kúrò, ó fín ẹfun sí i kí aró tó bá wọnú ẹ̀là lè hàn. Kò pẹ́ tí pupa tín-ín-rín kan yọ jáde, kò gùn ju èékánná lọ. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé ibẹ̀ láti mọ bó ṣe jìn tó. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èyí náà lo ń pè ní nǹkan?" mo ní. "Irin tó nípọn tó ìka méjì! Ọdún mẹ́wàá la ti ń ki afẹ́fẹ́ sí i!"

"Ìdí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ki í kún tẹ́ ẹ sì tú u, ẹ̀là yìí ń gùn díẹ̀díẹ̀." Ó na àkísà sí mi. "Ẹ fà á ya."

Mo fà á títí iṣan ọrùn mi fi yọ. Kò ya. Ó fi ọ̀bẹ ṣá etí rẹ̀ díẹ̀. "Ẹ tún fà á." Ó ya fààà!

"Ẹnu ibi tó là ni gbogbo agbára yín lọ kóra jọ sí. Irin náà nìyẹn. Ó níbi tí ẹ̀là lè gùn dé tí irin á ṣì mú un mọ́ra. Tó bá kọjá ibẹ̀, kò ní ṣe díẹ̀díẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti ya káàkiri. Irú irin yìí, tí òtútù bá mú un, ẹ̀là kékeré ti tó láti fà á ya. Ẹ fọwọ́ kàn án." Ó tutù rinrin. Ó ṣírò sórí ìwé, ó mi orí. "Tí afẹ́fẹ́ bá kún un lónìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àfi ká gé ibẹ̀, ká tún un jó pọ̀."

Máníjà wa gbọ́ pé iṣẹ́ máa dúró, ó gbaná jẹ. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó máa tó lọ pàdé ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti jáde, ki í kún."

Mo ní, "Ó ti yé mi, sà." Ẹ wo ẹnu mi!

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ lù. Mo sáré bá Farabalẹ̀. "Ọkọ̀ ò ní dúró dè ọ́ o, lọ!"

Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi lára ẹ̀rọ. "Bọ̀dá, tí mo bá lọ, ṣé ẹ ò ní ki í?"

Irọ́ ò ṣòro fún mi. Ọjọ́ yẹn, mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà.

"Olóríkunkun ni ẹ́!" mo pariwo. "Ṣé ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́ ni?"

"Àárò rẹ̀ ń sọ mí, bọ̀dá. Ó ń sọ mí débi pé oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi láti àná. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, a gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ẹ̀yìn ògiri wa ló máa ń gbà. Farabalẹ̀ fò sókè, ó gun àkàbà táǹkì tó ṣófo náà dókè, ó ṣí fìlà, ó ń fi juwọ́. Fèrèsé lẹ́yìn fèrèsé, orí ènìyàn lẹ́yìn orí ènìyàn. Ọkọ̀ náà kọjá tán. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ìgbà náà ni mo wo táǹkì, tí mo wo ògiri, tí mo wá ronú bí ojú irin ṣe sún mọ́ wa tó. Kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Aago méjìlá ni ǹ bá ti ki táǹkì yẹn kún, kí ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ìyàwó pè. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù: "Mo wá ọ títí ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ẹnì kan lórí irin gíga kan, ó ń fi fìlà juwọ́. Mo ní, ẹni yìí náà ń retí ẹnì kan. Ṣé ìwọ ni?"

Farabalẹ̀ fi fìlà nu ojú. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òun ni, ìyàwó wa," mo ní. "Èmi ni ò jẹ́ kó wá."