Wákàtí Mẹ́jọ Ààbọ̀ sí Tulsa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verna Lindqvist fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní Duluth. Gbogbo oníbàárà ló ń kìlọ̀ fún pé ẹni tó bá máa pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ fi àyè tó dín ní wákàtí kan sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì pè é láti Tulsa pé Orrin, àbúrò rẹ̀, kò ní í rí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

“Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń fò dé Tulsa,” ni Dale, ọkọ rẹ̀, wí. “Kí lo tún ń ṣírò?”

“Ṣé inú yàrá wa ni ọkọ̀ náà ti máa wá gbé mi ni?”

Wákàtí kan dé pápákọ̀. Kan ààbọ̀ fún ẹrù àti àyẹ̀wò. Kan dé Minneapolis, méjì fún ìdúró de ọkọ̀ kejì, méjì dé Tulsa, kan dé ẹnu ọ̀nà Orrin. Bó bá kúrò nílé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, aago márùn-ún ni yóò wọlé.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí ìdúró rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùndínlógójì lọ. Verna ra ìyẹn.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pẹ́. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kejì, wọ́n ti tilẹ̀kùn; ọkọ̀ ṣì wà níta, Verna ń wò ó láti ojú gíláàsì.

“Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìgbéra la máa ń tì í, mà,” ni òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wí.

“Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn.”

Wọ́n fún un láyè nínú ọkọ̀ aago méjì. Lójú ẹsẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní kó gbé fóònù sétí Orrin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dé ibo?”

“Mo ti balẹ̀ ní Tulsa. Ó ku wákàtí kan.”

“Wákàtí kan tiyín? Ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Mà á dúró.”

Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló kù.