Ìṣẹ́tí Yunifọ́ọ̀mù

Obìnrin télọ̀ kan láti Pẹ́dírò wá tẹ ìwé ìpolówó Ọjọ́ Àwọn Ìyá nílé ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú. Ohun tó kọ wá ni: "Rán aṣọ fún ìyá rẹ kó tó kú, kó má baà di àbámọ̀." Ó tún ní kí n fi àwòrán arúgbó tó ń sunkún sí i.

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ẹ lè ka èyí sí màmá yín létí? Kí ni màmá yín gan-an ṣe fún yín?"

Ó ní nígbà tí òun wà nílé ìwé, màmá òun máa ń ṣẹ́ etí yunifọ́ọ̀mù òun nípọn, kí wọ́n lè máa tú u sílẹ̀ bí òun bá ṣe ń ga sí i. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, màmá ò rán aṣọ tuntun fún ara wọn.

Ìyẹn gan-an la kọ, a ò bù mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ la wá fi sí i pé: "Ẹ mú màmá yín wá, ká gba ìwọ̀n wọn."

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ kà á fún màmá kó tó pín in. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni màmá sọ: "Àṣé ò ń rí mi nígbà yẹn."