Ẹ̀bi Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Kọ Sórúkọ Ara Mi

Èmi ni mo dá omi atalẹ̀ náà sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Inú ilé ìdáná mi ní Marcory, ní ìlú Abidjan níbí, ni mo ti kọ́kọ́ lọ atalẹ̀, tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí mo rọ ọ́ sínú ìgò, ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní nyamankuji. Bùọ̀dá mi ló ń gbé e kiri fún oníbàárà, torí Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù mí lọ. Tí ẹ bá rí i nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gbagidi, ẹ ó ní òun ló ń bó atalẹ̀ láti àárọ̀.

Ohun tó ba ọjà wa jẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Iná lọ ládùúgbò wa, ó pẹ́ kó tó dé, gbogbo ìgò inú firísà yọ́, wọ́n sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí iná dé, wọ́n tún dì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n omi atalẹ̀ tí ṣúgà wà nínú rẹ̀, tí a kò gbé kaná, bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, ó ti ń kan nìyẹn, dídì kò lè dá a padà. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dà á nù." Ó ní kí n gbé ẹnu mi sọ́hùn-ún, ó kó o lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Yopougon. Níbẹ̀ ni ìdérí ìgò ti ń fò lójú àlejò, tí inú àwọn tó mu ún sì dàrú. Ìyá ọmọ tuntun pè é lórí fóònù, ọkùnrin yìí sì dáhùn pé, "Madamu, ó kàn yọ́ díẹ̀ ni, a mọ̀." Obìnrin náà ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, "a mọ̀" yẹn ti dé fóònù gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa.

Bí ọjà ṣe kú nìyẹn. A ń lọ atalẹ̀, a ń mu ún fúnra wa.

Lẹ́yìn èyí la gbọ́ pé ilé oúnjẹ kan ní Vridi, tó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, ń wá ẹni tí yóò máa gbé ohun mímu wá. Bí a bá rí i gbà, mo tún ní iṣẹ́. Bí a kò bá rí i, kí n wá nǹkan mìíràn tà. Àkọ́bí Bùọ̀dá, ọmọbìnrin tí wọ́n bí síbí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ̀wé sójú ìwé àwọn oníṣòwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló bá wa jókòó. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Tantie ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí.

"Tantie, wọ́n máa wá orúkọ wa. Wọ́n máa gbọ́ ohùn Papa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nous-mêmes, fúnra wa, kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Bùọ̀dá ti kọ ìtàn bí a ṣe dá ọjà náà sílẹ̀, bó ṣe wù ú. Ó kọ pé òun wá sí Abidjan láìní bàtà, pé àwọn ọ̀tá gbógun, pé òun kò jáwọ́. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọjọ́ tí a dé, èmi ni mo kùn ún. Ọmọ rẹ̀ kà á, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ẹni tó bá ń ka ìtàn olùdásílẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ ìwúrí, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló fẹ́ mọ̀. Ká mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré. Ká sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ká sọ ẹni tó jìyà rẹ̀, ká má dá iná mànàmáná lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ká sọ ohun tí a yí padà nínú iṣẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá fojú ara rẹ̀ rí. Ó ní ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tóbi ju ìṣòro náà lọ.

Èyí tí a yí padà, èmi ni mo yí i. Mo ti ń gbé omi atalẹ̀ kaná lẹ́yìn tí mo bá sẹ́ ẹ, mò ń rọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná, mo sì ń kọ ọjọ́ sára ìdérí. Mo gbé ife yìnyín kan sínú firísà, mo fi ẹyọ owó kan lé orí rẹ̀. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn tí mo rí i pé owó ti rì, yìnyín ti yọ́ lẹ́yìn mi nìyẹn, kò sí ìgò tí yóò jáde. Ọmọ náà ya fọ́tò rẹ̀.

Ó wá béèrè pé, "Ta ló mọ̀ pé ó ti yọ́? Ta ló ní kí wọ́n gbé e lọ? 'A' kò tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ pé 'èmi.'"

Bùọ̀dá mi wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, òun ni wọ́n ń pè bí tọkọtaya bá ń jà. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn gbójú sókè wò mí, bó ṣe máa ń wò mí látìgbà tí a ti wà léwe nígbà tí bàbá wa bá béèrè ẹni tó fọ́ àwo. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, àbúrò kì í gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síta káyé fi ṣẹ̀sín. Mo ní, "Kọ ọ́ pé èmi ni."

"C'est vrai, Tantie? Ṣé òótọ́ ni? Ẹni tí kò mọ̀, wọ́n máa dárí jì í kíákíá. Ẹni tó mọ̀, ó le o."

"Mo ní kí o kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Orí mi wú nígbà tí mo kà á, irọ́ kan ṣoṣo láàárín òótọ́ rẹpẹtẹ. Ó gbé e sójú ìwé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́. Ìyá ọmọ Yopougon fúnra rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta tóun ti rí oníṣòwò tó ń sọ òótọ́, pé òun yóò tún rà. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà kò purọ́.

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà ránṣẹ́ pè wá sí Vridi. Ó bi mí nípa ife yìnyín, ó tọ́ omi atalẹ̀ wò, ó ní ó dára. Ó wá yíjú sí Bùọ̀dá mi, bí ẹni pé mo ti jáde.

"Ìtàn yín ló jẹ́ kí n pè yín, mo sì gbà á gbọ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi àbúrò yín sídìí ìkòkò. Ká ní kò mọ̀ ni, ì bá yàtọ̀. Ó mọ̀, ó sì ní kó lọ. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa sè é, ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Mo wo Bùọ̀dá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò lẹ́nu rẹ̀. Ó wúkọ́, ó ní, "Madamu, bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ la máa ṣe é."

Nínú takisí tó gbé wa padà, ó ń sọ iye ìgò tí a óò máa kó lọ. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

Ó gba obìnrin kan tó ti ń dáná fún ilé ìtura, ó sì ní kí n wá kọ́ ọ. Mo lọ. Atalẹ̀ mi ni, n kò fẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́. Obìnrin náà gbọ́ràn, ó mọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Bí a ti ń sẹ́ ẹ lọ́wọ́, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú, ìyá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé èyí tó bàjẹ́ yẹn lọ?"

Bùọ̀dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń nu ìgò.

Mo ní, "Bi ọ̀gá rẹ."

Ó ń nu ìgò náà lọ. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ṣebí ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀."