Àpò Tí Kò Ní Sípù

Láàárín àwọn ọdún 1970, èmi ni akọ̀wé ìṣirò ní ilé-iṣẹ́ kan ní Múṣìn tí a ti ń ṣe àpò ìrìn-àjò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi, màá ní mò ń kó owó láti yàrá kan sí òmíràn láì fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí rẹ́síìnì, awọ àtọwọ́dá tí a fi ń rán àpò, àti òwú bá kúrò ní sítọ̀, màá yọ iye wọn kúrò nínú ìwé sítọ̀, màá kọ ọ́ sí abẹ́ "iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́". Owó iṣẹ́ àwọn aránṣọ á bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá pín owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọlọ́dẹ sórí àwọn àpò náà, gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n fi rán wọn ṣe pọ̀ tó. Ọjọ́ tí àpò bá parí ni gbogbo ẹrù yìí á tó bá a lọ sí abẹ́ "ọjà tó parí".

Lọ́dún kan, sípù wa há sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró de àyè ní Àpápá. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Sípù wa ń wo Èkó lókèèrè, wọn ò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ fẹ́ dá àwọn aránṣọ dúró. Olórí wọn, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló lọ bẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, bí wọ́n bá lọ, wọn ò rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ ká máa gé rẹ́síìnì, ká rán ìdí àti ọwọ́ àpò sílẹ̀."

Ọ̀gá gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ará bánkì wá wo ọjà wa kó tó yá wa lówó, ó pè wá padà.

"Ẹ pa ẹ̀gbẹ́ wọn dé. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró bí àpò."

"Sípù ló ń ṣáájú, Ọ̀gá. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ti dé, a ò rí ibi gbà fi sí i."

"Tí ẹ ò bá lè rán an, kí àwọn aránṣọ máa lọ ilé nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. "A ó rán an," ló wí.

Ará bánkì wá, ó fọwọ́ pa àpò lórí, ó yìn wá. Sípù ò dé. Rẹ́síìnì tán, àwọn aránṣọ jókòó, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo nítorí iná ọ́fíìsì. Mo sọ fún Ọ̀gá pé owó àwọn tó jókòó lásán kì í ṣe ti àpò mọ́, pé àdánù ni, ibi àdánù ló yẹ ká kọ ọ́ sí.

"Kí bánkì wá rí àdánù? Gbé e sórí àpò."

"Ọ̀gá, àpò yìí ti ń gbówó lórí ju ẹni tó máa gbé e lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò yí ọkàn padà. Bí oṣù bá ti parí, "iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́" á tún sanra sí i, inú Ọ̀gá á sì dùn bí ẹni tí màlúù rẹ̀ lóyún.

Nígbà tí sípù dé, àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ra àpò ti kọjá. Wọ́n ní láti tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó tún un rán, owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí àpò kan náà. Aṣọ lásán ni abẹ́rẹ́ máa ń gún tí ojú rẹ̀ á tún padé. Rẹ́síìnì ò rí bẹ́ẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yọ sílẹ̀ gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àpò, bí ẹni tí ẹ̀fọn bá jà.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. "Akọ̀wé, àpò tó ń mí rèé." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo kó wọn lọ sí abẹ́ "ọjà tó parí" pẹ̀lú gbogbo ẹrù orí wọn. Oníṣòwò kankan ò fẹ́ san ìdajì ohun tí ọ̀kan ná wa. Ayẹ̀wéwò tó ń yẹ ìwé ìṣirò wa wò lọ́dọọdún ní iye tí ọjà bá lè mú wá nìkan ni ká kọ, àdánù tá a fi pa mọ́ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bánkì ò yá wa ní nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá ti ilé-iṣẹ́ pa, ó sì fún àwọn aránṣọ ní àpò dípò owó oṣù tó gbẹ̀yìn.

Kò pẹ́ sí i, mo rí Ẹ̀gbọ́n ní Jíbówú, láàárín àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sílé, ó to àpò sílẹ̀. Obìnrin kan ń dúnàádúrà, ó ń tọ́ka sí ihò. Ẹ̀gbọ́n gba iye tí ò tó owó rẹ́síìnì nìkan.

"Akọ̀wé," ó wí, kò gbójú sókè, "èló lẹ pe èyí nínú ìwé yín?"

Ọ̀kan ti ṣubú nínú àwọn àpò tó tò sílẹ̀; mo bá a gbé e dìde.