Ihò Àgbàdo Tí A Kò Tún Gbìn

Kò sí iṣẹ́ tó ń rẹ èèyàn tó kí a máa sọ fún àgbẹ̀ tó ju baba ẹni lọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yege. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ní Òkè-Ògùn nìyẹn, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìsẹ́yìn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n oko tí mo ń yẹ̀ wò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Adó-Àwáyè títí dé Ṣakí. Ìjọba fún mi ní alùpùpù kan. Bí ó bá gbé mi lọ lónìí, èmi ni n ó tì í bọ̀ lọ́la. Àwọn àgbẹ̀ ń pè mí ní Àgíríìkì, wọn kò sì mọ̀ pé n kò gbin nǹkan kan rí ju ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ.

Àgbàdo tí a fẹ́ fi ṣe irúgbìn ni mo ń wò, kí n sọ bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣẹ̀dá irú àgbàdo tuntun ní Ìbàdàn a máa mú díẹ̀ jáde, wọn a sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Irúgbìn ọwọ́ aṣẹ̀dá nìyẹn. Tí a bá gbin ìyẹn sí oko ìjọba, ohun tí a bá kó níbẹ̀ ni irúgbìn ìpìlẹ̀, káàdì funfun sì ni a ń so mọ́ àpò rẹ̀. Ìpìlẹ̀ yìí la ń kó fún àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí a ti yàn, kí wọ́n gbìn ín kó lè pọ̀. Bí oko wọn bá yege, tí a tún yẹ hóró rẹ̀ wò pé ó gbẹ, ó mọ́, ó sì ń hù dáadáa, a ó so káàdì búlúù mọ́ ọn, ó di irúgbìn onífọwọ́sí. Ìyẹn ni gbogbo àgbẹ̀ yòókù ń rà lọ gbìn. Àṣìṣe kékeré tó bá wọ ibi ìpìlẹ̀ yóò ti bímọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn yẹn ló sì máa ń sunkún.

Mo ti rí wọn tí wọ́n ń sunkún. Obìnrin kan ní Otu ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti da àgbàdo jíjẹ pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo dé oko rẹ̀, àwọn kan ga kọjá orí mi, àwọn kan kò kọjá orúnkún, àwọn kan ti gbó, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun. Ìjì kan ló dé tó tẹ́ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà bojú wò mí, ó ní, "Àgíríìkì, ṣé eré sísá ni àgbàdo mi ń sá ni?" Hóró kò ní ojú tí a fi lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ́ ẹni tó kó o wá nìkan ni àgbẹ̀ ń rà.

Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dáko lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbòho. Mùsùlùmí ni, àgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án láti gbin irúgbìn fún wa ni. Láti ìgbà tí a ti yàn án ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Onírúgbìn ní abúlé wọn. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ẹni tó rí ihò òfìfo nínú oko rẹ̀ rí. Àwọn ará abúlé rẹ̀ ti ń dúró de káàdì búlúù tí yóò ti oko rẹ̀ jáde, nítorí wọ́n gbà pé ohun tí ọwọ́ bàbá yẹn bá kàn kò lè jẹ́ ayédèrú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbìn. Mo wọn ilẹ̀ láti etí oko rẹ̀ dé oko àgbàdo tó sún mọ́ ọn jù, ó lé ní igba mítà. Ó ní láti rí bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ni ń gbé eruku òdòdó àgbàdo kiri, kì í sì í béèrè ààlà. Inú mi dùn. Mo ní àjèjì kò lè ti ìta wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pẹtiróòlù wọ́n. Mi ò padà dé ibẹ̀ títí àgbàdo fi ń yọ òdòdó lórí. Oko mẹ́rin ni mo ti yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ń ro mí, oòrùn sì ń ta bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo rìn wọ poro bíi mélòó kan, mo rí àwọn igi kéékèèké láàárín àwọn tó ga. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò lágbára tó. Ìwé ìlànà iṣẹ́ wa sọ pé kí n dúró kí n wò wọ́n dáadáa, kí a fa èyí tó bá jẹ́ àjèjì tu kí òdòdó rẹ̀ tó là. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i pé oko náà yege, mo sì gun alùpùpù mi. Àárẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé yẹn, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kórè, bàbá ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a níwájú àká rẹ̀, ó jókòó sí àárín háríhá, ó ya àgbàdo sí ọ̀nà méjì. Òkìtì ńlá kan funfun. Òkìtì kékeré kan sì pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ó ní, "Àgíríìkì, ọmọ mi, wá wo nǹkan tí mo rí."

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn funfun lé mi lọ́wọ́. Ó funfun láti ìdí títí dé ṣóńṣó orí, níbi tí hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún ti pupa. Irun tó wá láti orí ṣùkù ló máa ń yọ kẹ́yìn, eruku òdòdó tó bá pẹ́ dé ló sì máa ń bá a níbẹ̀. Ẹnì kan ti gbin àgbàdo mìíràn sínú oko yìí, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbin tiwa, òun ni àwọn igi kéékèèké tí mo rí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbìn mọ́ ọn?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. "N kò gbin nǹkan kan mọ́ ọn. Àparò ló hú àwọn kan jẹ. Mo mú àgbàdo ilé lórí àjà, mo fi dí ojú ihò wọn. Ṣé kí n wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo ni?"

Mo jókòó sórí háríhá. Ó rẹ̀ mí. Kò sí àgbẹ̀ gidi ní Òkè-Ògùn tí kì í tún ihò gbìn, ọ̀lẹ nìkan ló ń fi í sílẹ̀. Èmi tí mo wọn igba mítà yí oko náà ká, kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un, pé kó má tún ihò gbìn.

Ó ti rí i lójú mi pé nǹkan bàjẹ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti ṣà á. Gbogbo ṣùkù tó pupa nìyẹn lọ́tọ̀. Àwọn tó pupa lórí nìkan yìí, a ó yín in kúrò. Àwọn ìyàwó mi yóò fi ọwọ́ ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan."

Mo rí ọ̀nà kan. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pupa ni gbogbo àgbàdo tó mú lórí àjà, hóró tí eruku rẹ̀ bá kàn yóò pupa, ojú yóò sì rí i. A lè ṣà á tán. N kò ní kọ ọ́ pé oko náà kò yege, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ohun tí mo wò lọ́jọ́ tí mo ní ó yege. Ó kù sí ohun tí bàbá bá sọ.

Mo bi í pé, "Bàbá, àgbàdo tí ẹ mú lórí àjà yẹn, ṣé pupa ni gbogbo rẹ̀?"

Mo gbàdúrà kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ mi orí díẹ̀, bí olùkọ́ tó ń fi ìdáhùn han ọmọ iléèwé. Bàbá kì í ṣe òmùgọ̀, ó rí orí mi. Ó gbé ṣùkù kan, ó yí i lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Rárá o. Èyí tó funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tán. Èyí tó pupa ń jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, èyí tó funfun ti fara pamọ́ sáàárín irúgbìn wa, ojú kankan kò sì lè yà á. Bí a bá so káàdì búlúù mọ́ ọn, obìnrin bíi ti Otu ni yóò rà á.

Mo ṣàlàyé fún un. Kò jiyàn. Ó kàn fi ọwọ́ gbá òkìtì pupa padà sínú òkìtì funfun, gbogbo iṣẹ́ ṣíṣà yẹn sì pa rẹ́. Ó ní, "Kò sí wàhálà, a ó jẹ ẹ́. Àgbàdo jíjẹ kò lẹ́bi." Lẹ́yìn náà ló béèrè, lóhùn kékeré, pé kí ni òun yóò wí fún àwọn ará abúlé. Ìbéèrè yẹn dùn mí títí mo fi délé. Mo kọ ọ́ pé oko náà kò yege. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú pé èmi ni mo rí àwọn igi kéékèèké náà tí mo kọjá lára wọn. Ọ̀gá mi bú mi dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà láti tún fún bàbá ní irúgbìn ìpìlẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, mo dé oko náà lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n gbìn. Àgbàdo ti yọ. Àparò náà ti ṣe tirẹ̀, nítorí ihò òfìfo wà káàkiri. Lójú ihò kọ̀ọ̀kan, bàbá ti gbé òkúta kékeré kan lé e, kí ìyàwó tàbí ọmọ kankan má bàa gbàgbé kó sì fi hóró sí i.

Ọkùnrin méjì kan ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ké sí i pé, "Bàbá Onírúgbìn, àgbà ti dé nìyẹn! Ẹ kò lè tún ihò gbìn mọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ọ̀nà wọn lọ.

Bàbá dúró wò wọ́n títí wọ́n fi pẹ́ kọrọ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń dáko, ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí lọ́lẹ. Ojú ń tì mí, Àgíríìkì. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Oko mẹ́ta ṣì kù fún mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn sì ń ro mí bí ó ti máa ń ro mí. Mo gbé alùpùpù dúró, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo sì rin gbogbo poro oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò fo ọ̀kan.