Pupa Ni Mo Ní Kí Ó Bù Sí I

Mitwalli ará Abnub ní Íjíbítì kì í ṣe aláriwo. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wa ọkọ̀ akérò oníjókòó méje kó tó di pé kídìnrín ìyàwó rẹ̀, Fawqiyya, kọṣẹ́. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, Mọ́ńdè àti Wẹ́sidé, Fawqiyya ni èrò àkọ́kọ́: ó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Asyut kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni mò ń tún rédíétọ̀ ọkọ̀ Mitwalli ṣe. Lọ́dún tó kọjá, mo pààrọ̀ omi inú rẹ̀. Mitwalli, tó ń pè mí ní Usta, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, béèrè pé:

"Usta, tó bá fà ńkọ́? Èwo ni kí n bù sí i?"

"Pupa. Ẹ ò gbọdọ̀ bu aláwọ̀ ewé sí i o."

"Pupa bí omi karkadé tí à ń mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má mu ún o, májèlé ni!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo wa ṣe ń pe omi náà nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: pupa, aláwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ aró lásán ni àwọ̀ náà, èyí tó wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi sí i. Ohun tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti àtijọ́ ní silikéètì, kì í sì í pẹ́ tán. Ti ìgbàlódé ní oríṣi ásíìdì kan tó ń pẹ́. Bí a bá po wọ́n pọ̀, agbára méjèèjì lè bàjẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á dì bí ẹ̀kọ. Mo mọ̀. N kò sọ.

Ní oṣù kẹjọ, omi fà lójú ọ̀nà. Mitwalli ra jọ́ọ̀gì omi rédíétọ̀ kan nílé epo. Pupa ni ti inú rédíétọ̀, pupa ni ti ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni èyí tó rà, wọ́n kàn pa á láró pupa ni. Omi lásán tó mọ́ ì bá sàn jù ú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ooru ẹ́ńjìnnì gòkè lójú ọ̀nà Asyut. Ó rí i. Ṣùgbọ́n àkókò Fawqiyya ń lọ, kò dúró, títí ọkọ̀ fi kú.

Wọ́n fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó tutù, mo ṣí ìdérí. Ohun kan tó ki, tó dúdú bí ẹrẹ̀, ti dí gbogbo ojú ihò. Orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀, ara rẹ̀ ti sán.

"Usta, pupa lẹ ní."

"Pupa ni mo ní."

"Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?"

Fawqiyya ló dáhùn láti orí àga: "Mitwalli, gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀. O ti fọwọ́ pa á lára tó."

Mo gbà pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo forí kanlẹ̀ láti gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kò wá. Bó bá jẹ́ kádàrá ni, kí ló dé tó fi gba ẹnu mi kọjá?

Ní báyìí, orúkọ irú omi náà gan-an ni mò ń fi ọ̀dà kọ sára rédíétọ̀ gbogbo ènìyàn. Mitwalli kò ní ọkọ̀ mọ́. Ìkóríta ni òun àti Fawqiyya ń dúró sí, tí wọ́n ń nawọ́ sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wẹ́sidé tó kọjá, mo wa ọkọ̀ mi bá wọn níbẹ̀, mo dúró.

"Ẹ wọlé."

Mitwalli wo oòrùn. "Ẹ máa lọ, Usta. Àkókò wa ti kọjá, wọ́n á ti gbé ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ."