Ọjọ́ Orin Tí Kò Dúró Sójú Kan

Damaris kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Àwọn ará Ìlọ́fà mọ̀ ọ́n.

Ọdún kejì lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ọkọ rẹ̀ ni Tíṣà Jonah gba ẹsẹ kẹta lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ orin ìkórè ni. Òun nìkan ló ń dá a kọ, gbogbo ìjọ a sì dákẹ́. Orin kan ṣoṣo tó kù fún opó tó ń roko láti Ajé dé Àbámẹ́ta.

Ohun tó fà á kò pọ̀. Jonah ló ń kọ́ àwọn akọrin ní orin, ó sì tún ń tajà. Iyọ̀ àti aṣọ. Ọjà Odò-Ọwá ń bọ̀ lọ́rọọrún, ọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì jẹ́ ọjọ́ méje. Àwọn méjèèjì kì í jọ rìn. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ orin, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn akọrin ń kọ́ orin, Jonah a sún un. Ọjọ́rú a di Ẹtì. Ẹtì a di Ajé. Lọ́jọ́ kan ó sún un, kò sì ránṣẹ́ sí Damaris lóko. Nígbà tí obìnrin náà dé, orin ti tán.

"Ẹni tí kò mọ ọjọ́ kò lè mọ orin," ni Jonah wí, lójú gbogbo akọrin. Ó nawọ́ sí Modúpẹ́, ọmọbìnrin tó mọ àmì orin sọ-fa, do-re-mi, kà. "Ìwọ ni wàá kọ ẹsẹ kẹta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Damaris náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín eyín lásán.

Ó dúró dìgbà.

Ìgbà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Pásítọ̀ láti Òsí ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó fẹ́ gbọ́ akọrin kí ìkórè tó dé. Jonah dúró lẹ́nu ọ̀nà Damaris, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Lábọ̀dé.

"Ìyá Lábọ̀dé, ẹ kú ilé. Ọ̀la lọjà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé orin ti di Ẹtì."

"Mo gbọ́, Tíṣà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sọ pé òun yóò lọ sọ fún wọn.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí orin wà tẹ́lẹ̀, nígbà tí oòrùn rọ̀, akọrin mọ́kànlá pé sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jonah wà lọ́jà, ó ń wọn iyọ̀. Modúpẹ́ fi ọ̀pá ka sọ-fa fún wọn: àwọn obìnrin lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọkùnrin lẹ́yìn, gbogbo wọn pọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n parí, Damaris bi wọ́n léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo ni wọ́n lè máa wá, ọjà ìbáà wà, ọjà ìbáà máà sí. Ọjọ́rú. Gbogbo wọn.

Ní Ẹtì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù títí. Jonah nìkan ló wà níbẹ̀. Damaris gbọ́ ọ láti inú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dìde. Agogo náà dùn ún gbọ́ bí orin.

Ọkùnrin náà wá, ó ń hó. "Ṣé ẹ kò jíṣẹ́ mi ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ẹ ti sọ pé n kò mọ ọjọ́."

Ní ọjọ́ Ìsinmi akọrin kọ orin ìkórè láìsí àṣìṣe. Pásítọ̀ yin Jonah. Ògúndípẹ̀, àgbà ìjọ tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ló dá a lóhùn: "Ẹ máa yin Modúpẹ́, sà. Tíṣà wà lọ́jà."

Pásítọ̀ bèèrè. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Modúpẹ́ fúnra rẹ̀ ní, "Ẹsẹ kẹta, ti Ìyá Lábọ̀dé ni. Mo kàn bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni."

Ibẹ̀ ni òfin ti jáde. Ọjọ́rú, nígbà agogo ìrọ̀lẹ́. Kò ní yẹ̀.

"Bí ó bá di dandan kí ó yẹ̀ ńkọ́?" Pásítọ̀ bi Damaris.

Damaris ti ro èyí fún oṣù méjì. "Ẹni tó bá sún un, sà, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jíṣẹ́. Ilé dé ilé. Oko dé oko. Kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ Ajé."

Jonah wo ilẹ̀. Pásítọ̀ ní ó dára.

Damaris kọ ẹsẹ kẹta níbi ìkórè. Ìjọ dákẹ́. Síbẹ̀, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó kù díẹ̀ kí Kérésì dé, ọjà ńlá bọ́ sí Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ Ajé, Jonah gba ọ̀nà oko. Ẹ̀gún ti fa ṣòkòtò rẹ̀ ya, eruku bò ó dé orúnkún. Oko Damaris ló kàn.

"Ìyá Lábọ̀dé, orin ti di Ọjọ́bọ̀."

Damaris gbé ọwọ́ sétí. "Ẹ ní kí ni?"

"Ọjọ́bọ̀, mà."

"Afẹ́fẹ́ ni, Tíṣà. Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, Damaris nawọ́ sí ọ̀nà oko Ilésanmí, akọrin tí Jonah kò tíì jíṣẹ́ fún, ní òkè jíjìn lọ́hùn-ún, oòrùn sì ti ń wọ̀.